Èèkàn inú ilẹ̀: ìdí tí fatiláísà kì í fi í dúró nínú yanrìn

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo gbé ilẹ̀ oko mi lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n kọ ọ́ pé yanrìn 84%, amọ̀ 8%, ọgáníìkì mátà 0.9%, pH 4.9, CEC 2.7. Mo da fatiláísà sí àgbàdo mi bó ṣe yẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sì da gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò ti rọ̀ dáadáa, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹni tí oko wa jọ pààlà lo iye kan náà, àgbàdo tirẹ̀ dúdú minimini. Ọgáníìkì mátà tirẹ̀ jẹ́ 2.6%, CEC rẹ̀ 6.1. Ẹnìkan ní kí n fi fatiláísà kún un, ẹnìkan ní kí n kó amọ̀ wá, ẹlòmíràn ní èédú ni. Kí ni CEC yìí gan-an, báwo ni mo ṣe lè mú un gòkè? Ìwé àyẹ̀wò náà nìyí."

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì ṣeun tí ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ lódindi, torí ìdáhùn yín wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ka CEC sí iye oúnjẹ tó wà nínú ilẹ̀. Èèkàn ló ń kà. Àgbàlá tó ní èèkàn mẹ́ta, ewúrẹ́ mẹ́ta ni ẹ lè so síbẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbàlá tó sì ní ọgọ́rùn-ún èèkàn láìní ewúrẹ́ kan, òfìfo ni. Nínú ilẹ̀, èèkàn ni àwọn ojú kéékèèké tó ní ṣáàjì àyọkúrò (−) lára amọ̀ àti lára ohun tó ti jẹrà di dúdú, ìyẹn ọgáníìkì mátà tí wọ́n kọ fún yín, tí èmi máa pè ní ọ̀rá ilẹ̀. Ewúrẹ́ ni àwọn èròjà tó ní ṣáàjì àròpọ̀ (+), tí a ń pè ní kátáyọ́ọ̀nù. Pòtáṣíọ̀mù (K⁺) àti amóníọ̀mù (NH₄⁺) ní okùn kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, kálísíọ̀mù (Ca²⁺) àti mágínísíọ̀mù (Mg²⁺) ní méjì méjì, alumíníọ̀mù (Al³⁺) ní mẹ́ta. Ẹni tí okùn rẹ̀ pọ̀ ló ṣòroó tú. Ìyẹn ni pé níbi tí èèkàn kò pọ̀, pòtáṣíọ̀mù àti amóníọ̀mù, tí ẹ fi owó rà nínú àpò, ni òjò máa ń kọ́kọ́ tú.

Wọn kì í sì í fi wọ́n sórí èèkàn títí láé. Gbòǹgbò á tu háídírójìn (H⁺) jáde, á fi rọ́pò K⁺ kan, á sì gbé K⁺ náà mì. Pàṣípààrọ̀ yìí ni CEC ń tọ́ka sí: agbára tí ilẹ̀ ní láti gba kátáyọ́ọ̀nù dúró kó sì fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àná kọ́ ni. Ní 1850 ni J. T. Way, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde pé bí èèyàn bá da omi tí a fi amóníọ̀mù sọ́fétì pò sórí ilẹ̀ tí a rọ sínú ọ̀pá, kálísíọ̀mù sọ́fétì ló máa ń jáde nísàlẹ̀. Amóníọ̀mù wọlé, kálísíọ̀mù jáde. Ẹ kíyè sí i pé sọ́fétì, tó ní ṣáàjì àyọkúrò, kọjá ní tirẹ̀ láìsí ẹni tó dá a dúró. A máa padà sórí ìyẹn.

Ibo wá ni èèkàn ti ń wá? Yanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá, òkúta wẹ́wẹ́ lásán ni. Amọ̀ ní, ṣùgbọ́n amọ̀ kò dọ́gba. Èyí tí a ń pè ní kaolináìtì, tó wọ́pọ̀ níbi tí oòrùn àti òjò ti fọ ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kì í sábà ju 3 sí 15 sẹ́ńtímóòlù lọ lórí kílò kan amọ̀ (cmol/kg), ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka èèkàn. Sìmẹ́kítáìtì, amọ̀ dúdú tó máa ń sán gbàràgàdà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lè ní 80 sí 120. Ọ̀rá ilẹ̀ tó ti jẹrà dénú lè ní nǹkan bí 200 bí ilẹ̀ kò bá kan. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Ilẹ̀ yín ní amọ̀ 8%. Bí mo bá ka amọ̀ yẹn sí kaolináìtì tó ní 10, èèkàn tó wá láti ibẹ̀ jẹ́ 0.8. Ọ̀rá ilẹ̀ 0.9% ní ìsọdipúpọ̀ 200 jẹ́ 1.8. Àpapọ̀ 2.6, wọ́n sì kọ 2.7 fún yín. Ti ẹni tí ẹ jọ pààlà, bí amọ̀ rẹ̀ bá tó 9%, amọ̀ mú 0.9 wá, ọ̀rá ilẹ̀ mú 5.2 wá, àpapọ̀ 6.1. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbára lé ìṣirò yìí ju bó ṣe yẹ lọ, torí 200 yẹn máa ń lọ sókè sódò láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò fara sin: amọ̀ yín àti tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gbogbo ohun tí oko rẹ̀ fi ju tiyín lọ, inú ọ̀rá ilẹ̀ ló wà. Nínú ilẹ̀ oníyanrìn, ẹni tó bá sun koríko gbígbẹ tàbí tó ń tú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, èèkàn rẹ̀ gan-an ló ń fà tu.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín tí ẹ lè ṣe lójú ara yín. Ẹ gé ìdí ike omi mẹ́rin kúrò, ẹ dojú wọn dé, ẹ fi aṣọ pélébé dí ẹnu wọn. Ẹ rọ yanrìn tí ẹ ti fọ̀ dáadáa sínú méjì, ẹ rọ ilẹ̀dú láti abẹ́ igbó sínú méjì yòókù. Ẹ wá wá jẹ́ńṣìànì fáyólẹ́ẹ̀tì, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kùn sójú ọgbẹ́, ẹ kán díẹ̀ sínú omi, ẹ dà á sórí yanrìn kan àti ilẹ̀dú kan. Àwọ̀ yẹn, kátáyọ́ọ̀nù ni. Nínú yanrìn, omi á jáde pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò. Nínú ilẹ̀dú, omi tó máa kán sílẹ̀ á mọ́, tàbí kó kàn ní àwọ̀ rúsúrúsú díẹ̀ bíi ti tíì. Àlùkò ti há sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aró pupa tí wọ́n ń pè ní ìyòsínì ṣe bákan náà nínú ike méjì tó kù. Ìyòsínì ní ṣáàjì àyọkúrò. Pupa máa jáde nínú yanrìn, á sì jáde nínú ilẹ̀dú pẹ̀lú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ó yà mí lẹ́nu, torí mo ti rò pé ilẹ̀dú á gba gbogbo nǹkan dúró ni.

Pupa yẹn ni náítíréètì (NO₃⁻). Òun ni ewúrẹ́ tí kò ní okùn lọ́rùn. Kò sí CEC, bó ti wù kó ga tó, tó lè so ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé "ẹ gbé CEC sókè, náítírójìn kò ní í ṣòfò mọ́" ti ṣìnà. Nínú ilẹ̀ tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin níwọ̀nba, amóníọ̀mù kì í pẹ́ ní amóníọ̀mù. Kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ á sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di náítíréètì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kà kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kò ṣẹlẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ tí ẹ da fatiláísà yẹn gan-an. Hẹ́kítà kan, tí a bá wa ilẹ̀ rẹ̀ wọnú ní sẹ́ńtímítà 15, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 kílò ilẹ̀. Ká ní kílò 100 náítírójìn ni ẹ dà sórí hẹ́kítà. Tó bá tàn káàkiri gbogbo ilẹ̀ yẹn lọ́gbọọgba, èèkàn tí amóníọ̀mù rẹ̀ nílò kò ju 0.36 cmol/kg lọ, ilẹ̀ yín á sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò tàn. Ẹ̀bá àgbàdo ni ẹ dà á sí, ní ojú ìlà, ká sọ pé ó kan ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà. Nínú ìdá kan yẹn, ohun tó nílò di 3.6. Ilẹ̀ yín, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà pé 2.7 ló ní, ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, kálísíọ̀mù sì ti jókòó sórí ọ̀pọ̀ nínú èèkàn náà tẹ́lẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó ní 6.1, àyè ṣì ṣẹ́kù. Ohun tí kò ríbi so ara rẹ̀ mọ́ wà nínú omi inú ilẹ̀, omi yẹn ni òjò sì ń tì lọ sísàlẹ̀, kọjá ibi tí gbòǹgbò àgbàdo ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta lè dé. Ohun kan náà ló ṣe pòtáṣíọ̀mù yín.

Ìdí kejì tí àgbàdo aládùúgbò yín fi dúdú kò sí lórí ọ̀rọ̀ èèkàn rárá, òun ni mo sì rò pé ó wúwo jù. Ọ̀rá ilẹ̀ ní náítírójìn nínú ara rẹ̀, nǹkan bí 5%. Ọ̀rá 2.6% nínú mílíọ̀nù 2 kílò jẹ́ 52,000 kílò, náítírójìn inú rẹ̀ sì jẹ́ 2,600 kílò. Kò sí òjò tó lè gbé e lọ, torí kò tíì yọ́. Bí kòkòrò àìrí bá tú kìkì 2% nínú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún, kílò 52 nìyẹn, tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí omi inú àmù tó ń sun. Tiyín, ní ìṣirò kan náà, jẹ́ kílò 18. Nígbà tí fatiláísà ẹ̀yin méjèèjì wọlẹ̀ lọ, òun ní ibi tó ń ti jẹ, ẹ̀yin kò ní. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ọ̀rá ilẹ̀ "ń di oúnjẹ mú", ọ̀nà méjì ló ń gbà dì í mú, ẹ má pò wọ́n pọ̀: ó ń so kátáyọ́ọ̀nù mọ́ ìta ara rẹ̀, ó sì ń gbé náítírójìn sínú ara rẹ̀.

Mo wá dé ibi pH, òdiwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń kan sí i. Ibẹ̀ ni mo ti jìyà àìmọ̀ tèmi. Èèkàn orí amọ̀ bíi sìmẹ́kítáìtì dúró síbẹ̀ títí lọ, torí inú òkúta rẹ̀ gan-an ni ṣáàjì náà ti wá. Ti ọ̀rá ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kún fún ìdì átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ní –COOH, èèkàn kò sì tíì sí níbẹ̀ àfi ìgbà tí H tó wà ní ìdí rẹ̀ bá jáde tó fi –COO⁻ sílẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó kan, H pọ̀ lóde, èyí tó wà nínú kò ríbi jáde lọ, èèkàn á rì wọlẹ̀. Bí pH bá gòkè, wọ́n á tún yọrí. Kaolináìtì náà ń ṣe díẹ̀ nínú irú rẹ̀ ní etí ara rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò púpọ̀ sì ń wọn CEC nínú omi tí wọ́n ti gbé pH rẹ̀ sí 7. Ìyẹn ni pé wọ́n ń ka àwọn èèkàn tó rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó yọrí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹnìkan mú ìwé wá láti ilé àyẹ̀wò kan, CEC 9, pH 4.6. Mo wo 9 yẹn, mo ní ilẹ̀ rẹ̀ lágbára, kó da pòtáṣíọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé pH 7 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, èmi náà kò sì béèrè. Nígbà tí ọ̀gá mi pa gbogbo kátáyọ́ọ̀nù tó wà lójú ìwé pọ̀, kò ju 3 lọ, ó sì lé ní ìlàjì rẹ̀ tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Etí ewé ìsàlẹ̀ ọkùnrin yẹn jó gbẹ bí ìwé tí iná rà lára kí oṣù méjì tó pé.

Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ìwé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ wo tiyín: kálísíọ̀mù 0.8, mágínísíọ̀mù 0.3, pòtáṣíọ̀mù 0.08, sódíọ̀mù 0.05, alumíníọ̀mù àti háídírójìn pọ̀ jẹ́ 0.4. Ẹ rò ó pọ̀, 1.6 ni, kì í ṣe 2.7. Iye èèkàn tí ilẹ̀ yín ní lónìí, ní pH tó wà gan-an, nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ alumíníọ̀mù àti háídírójìn tí àgbàdo kò nílò. Alumíníọ̀mù tiẹ̀ máa ń ké gbòǹgbò rẹ̀ kúrú. Èyí tún so mọ́ fatiláísà: bí amóníọ̀mù ṣe ń di náítíréètì, ó ń tú H⁺ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń da yúríà lọ́dọọdún sórí yanrìn láìwo pH, ó ń fi ọwọ́ kan bọ́ ilẹ̀, ó sì ń fi èkejì ri èèkàn mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn yín wá kù. Ẹni tó ní kí ẹ fi fatiláísà kún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe é. Amọ̀ kíkó, ìṣirò ló ń dá a lẹ́bi: 1% amọ̀ lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 20,000 kílò, tó bá sì jẹ́ kaolináìtì, èèkàn tí ẹ máa rí kò ju 0.1 lọ. Bí ẹ bá ní amọ̀ dúdú tó ń sán nítòsí, ó lè fún yín ní nǹkan bí 1, ọ̀rọ̀ ṣì kù lórí ẹni tó máa rù ú. Ti èédú, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ilẹ̀ dúdú kan wà ní agbègbè odò Amásónì tí àwọn ará ìgbàanì fi èédú, ìdọ̀tí ilé àti egungun mú lọ́ràá, ó sì lọ́ràá títí dòní. Ṣùgbọ́n èédú tuntun kò ní èèkàn púpọ̀. Afẹ́fẹ́ àti kòkòrò àìrí ló máa jẹ ojú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èèkàn tó yọ lára rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí lọ́dún àkọ́kọ́, eérú inú rẹ̀ tó gbé pH sókè díẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Ajílẹ̀ àti koríko jíjẹrà ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí, òótọ́ sì ni, àmọ́ wọn kì í sọ iye ọdún. Láti gbé ọ̀rá ilẹ̀ yín láti 0.9% dé 1.9%, 20,000 kílò ọ̀rá tó ti jẹrà dénú ni ẹ nílò lórí hẹ́kítà. Nínú ohun gbígbẹ tí ẹ bá dà sílẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló máa kù lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, níbi tó bá gbóná ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù á di afẹ́fẹ́. Tọ́ọ̀nù 5 lọ́dún, tí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, á fún yín ní kílò 1,000. Ọ̀rá tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, 18,000 kílò, òun náà ń jẹrà lọ. Bí 3% bá lọ lọ́dún, kílò 540 nìyẹn. Èrè tó kù jẹ́ kílò 460, ìyẹn 0.02% lọ́dún. Ẹ ṣe ìṣirò iye ọdún tí ìyẹn máa gbà kó tó fi 1% lé orí 0.9% tí ẹ ní. Ó ju ogójì lọ. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í yá sí ẹni tó bá ṣèlérí fún àgbẹ̀ pé ajílẹ̀ ọdún méjì á sọ CEC di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú padà sí ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn. Gbòǹgbò kò dọ́gba káàkiri oko, fatiláísà náà kò sì tàn káàkiri. Kí ló dé tí ajílẹ̀ yóò fi tàn káàkiri? Bí ẹ bá kó tọ́ọ̀nù 5 yẹn sínú ojú ìlà tàbí ihò tí ẹ ń gbin àgbàdo sí nìkan, kílò 1,000 ọ̀rá tó máa kù ti bọ́ sínú 200,000 kílò ilẹ̀ dípò mílíọ̀nù 2. Ó di 0.5% lójú ibẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, èèkàn á sì fi nǹkan bí 0.5 sí 1 lé sí i, gẹ́gẹ́ bí pH bá ṣe gbà. Lórí 1.6, ẹ máa rí i. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ má yí ojú ìlà padà. Ibi tí ẹ gbìn sí lọ́dún yìí ni kí ẹ gbìn sí lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ má sì pe katakata wá tú gbogbo rẹ̀ pò, torí títú ilẹ̀ ló ń fún kòkòrò àìrí ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀rá náà tán. Pòròpórò àgbàdo, ẹ fi bo àárín ìlà, ẹ má sun ún. Ọ̀rá 0.9% tí ẹ ní yẹn ló gbé ohun tó ju ìlàjì èèkàn yín ró, dídá a sí rọrùn ju wíwá òmíràn lọ.

Ohun tó máa yára jù ni láìmù, ìyẹn ẹtù òkúta ẹfun. Kò mú èèkàn wá láti ibòmíràn, àwọn tó rì ló ń gbé sókè, ó sì ń lé alumíníọ̀mù kúrò lórí èyí tó jókòó sí. Ẹ̀gbẹ̀rún kílò láìmù mímọ́ lórí hẹ́kítà ló ń borí 1 cmol/kg alumíníọ̀mù àti háídírójìn ní sẹ́ńtímítà 15. Tiyín jẹ́ 0.4, a sì máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po ìdajì sí i torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó jẹ́ 0.6. Nítorí náà kílò 600 tó kúnná dáadáa, kí ẹ dà á ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú gbígbìn. Kó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Yanrìn kò ní agbára láti fa pH sẹ́yìn. Bí ẹ bá da ìlọ́po mẹ́ta, á fò kọjá 6.5, síńkì àti mángánísì á há, ewé tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà funfun. pH 5.5 sí 6 ti tó àgbàdo.

Fún fatiláísà, ẹ jẹ́ kí iye èèkàn ló pàṣẹ. Nínú kílò 100 náítírójìn, ẹ lo 20 nígbà gbígbìn, 40 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 40 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Pòtáṣíọ̀mù, ẹ pín in sí méjì. Ẹ bo yúríà mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan rẹ̀ á fò lọ bí afẹ́fẹ́ kí ọ̀rọ̀ èèkàn tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ fi ìlà mẹ́rin láàárín oko sílẹ̀, kí ẹ da iye kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí wọn bí ẹ ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ wo ewé ìsàlẹ̀ nínú méjèèjì. Bí pípọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé tó sì ń tọ ọ̀pá àárín bọ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí tó yà, náítírójìn ló lọ. Bí etí ewé ló ń jó tí àárín sì dúdú, pòtáṣíọ̀mù ni. Bí ìlà mẹ́rin yẹn kò bá yàtọ̀ sí ìyókù, a jẹ́ pé ìjìyà yín kò ti ọ̀dọ̀ òjò wá, gbòǹgbò tí alumíníọ̀mù ké kúrú ni kí ẹ fura sí. Ẹ hú ìdí kan wò: gbòǹgbò tó kúrú, tó nípọn, tí kò ní irun, tó rí bí ìka ọmọdé, òun ni àmì rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wa ti ojú ìlà lọ́tọ̀, ti àárín ìlà lọ́tọ̀, sẹ́ńtímítà 15 kan náà, àpò méjì. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ pH tí wọ́n fi wọn CEC sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ alumíníọ̀mù lọ́tọ̀ kúrò lára háídírójìn. Ọ̀rá ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ, ẹ bi wọ́n bóyá kábọ́ọ̀nù ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n sì fi 1.724 sọ di púpọ̀, tàbí kábọ́ọ̀nù náà gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó rò pé ọ̀rá ilẹ̀ òun já wálẹ̀ láàárín ọdún kan nígbà tó jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò ló yí padà.